Láti Mọ́ńdè, búrẹ́dì ńlá wa di ₦1,400: bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí nìyí

Ẹ̀yin oníbàárà wa, àsàláámù àlékùm. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀wọ́n ọjà.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, búrẹ́dì ńlá tá à ń tà ní ₦1,200 máa di ₦1,400. Kékeré tó jẹ́ ₦600 máa di ₦700. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ̀ ń kó o tà, ńlá tẹ́ ẹ̀ ń gbà ní ₦1,100 máa di ₦1,300, kékeré á kúrò ní ₦550, á di ₦650. Bọ́ńsì ò yí padà, ₦200 náà ni.

Ilé tó bá ń jẹ búrẹ́dì ńlá kan lójúmọ́, ₦6,000 ló máa fi lé e lóṣù kan. Mo ti ṣírò ìyẹn kí n tó jókòó kọ èyí, kò sì dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé ìṣirò mi fún yín, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Àpò ìyẹ̀fun kan jẹ́ kílò 50. Tá a bá pò ó pẹ̀lú ṣúgà kílò 5, bọ́tà kílò 2, ìwúkàrà, iyọ̀ àti omi, búrẹ́dì ńlá 100 ló máa ń fún wa. A máa ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíráàmù 820 kó tó wọ ààrò. Tó bá jáde, iná á ti fa omi ara rẹ̀, á kù sí nǹkan bíi 720.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ₦58,000 ni mo ra àpò ìyẹ̀fun. Èyí tí wọ́n já sílẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦66,000 ni. Ṣúgà tó ń wọ inú àpò kan kúrò ní ₦7,500, ó di ₦8,000. Bọ́tà kúrò ní ₦6,000, ó di ₦7,400. Ìwúkàrà fi ₦500 lé, ó di ₦4,000. Iyọ̀ àti àwọn wẹ́wẹ́ yòókù ṣì wà ní ₦1,500, ká dúpẹ́. Láílọ́ọ̀nù tá a fi ń dì í lásán, tẹ́ ẹ máa jù nù kẹ́ ẹ tó jẹun tán, fún búrẹ́dì 100, ₦3,000 tẹ́lẹ̀, ₦4,000 báyìí. Igi ìdáná tí lọ́rì ń kó wá láti ọ̀nà Sháré fò láti ₦4,000 sí ₦5,500, ẹni tó ń kó o wá ní ọ̀nà ò dáa, epo ọkọ̀ sì wọ́n. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, ₦6,000 di ₦8,000.

Owó àwọn ọmọ iṣẹ́ lórí àpò kan, ₦9,000 di ₦10,000. Ti ibẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó fi ipá mú mi. Èmi ni mo fi kún un. Àwọn ọmọ yìí ń ti ọ̀nà jíjìn wá, òru ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, owó ọ̀kadà nìkan ti fẹ́ jẹ owó oṣù wọn tán. Tẹ́nì kan bá fẹ́ bínú sí mi torí ₦1,000 yẹn, kó máa bínú.

Ẹ rò ó pọ̀. Ohun tí àpò kan ń ná mi tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦98,500. Ó ti di ₦114,400. Ìyẹn ni pé búrẹ́dì ńlá kan ń ná mi ní ₦1,144 kó tó kúrò lórí tábìlì, mo sì ń kó o fún àwọn ìyá wa ní ₦1,100. Mò ń fi ₦44 lé wọn lọ́wọ́ lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, mo sì tún ń sọ fún wọn pé ẹ ṣé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí mo rò pé ìyẹ̀fun máa wálẹ̀. Kò wálẹ̀.

Ní ₦1,300 tuntun yìí, ₦156 ló kù fún mi lórí ọ̀kan. Nínú rẹ̀ ni mo ti máa san owó ilé, tí mo ti máa ra táyà ọkọ̀, tí mo ti máa tún ẹ̀rọ tó ń pò ìyẹ̀fun ṣe, tí mo sì ti máa gbé àdánù èyí tó bá jóná tàbí tó sùn mọ́ wa lọ́wọ́.

Àwọn kan ti bi mí pé, ṣé Nàìjíríà ò ní oko ni, kí ló kan dọ́là nínú búrẹ́dì Gáà Àkáńbí? Àlìkámà ni ìyẹ̀fun. Wọ́n ń gbìn ín lápá Kánò àti Jígáwá, ṣùgbọ́n kò kárí rárá, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Náírà tó ń ṣubú lójú ọjà dọ́là, inú àpò ìyẹ̀fun ló máa ń balẹ̀ sí.

Ọ̀nà kan wà tí mo bá gbà tẹ́nikẹ́ni ò ní pariwo: kí n fi owó sílẹ̀ ní ₦1,200, kí n dín ìwọ̀n kù. Kí n má parọ́, mo ti ṣe é rí. Lọ́dún tó kọjá, mo yọ gíráàmù 60 kúrò, mo dákẹ́. Ọjọ́ kẹrin, ìyá àgbà kan tó máa ń rà á ní ìdájí lẹ́yìn àsùbáà gbé e sókè, ó fi ọwọ́ gbé e wò bí ẹni ń wọn iṣu, ó ní, "Àlájà, búrẹ́dì yín ń gbààwẹ̀ ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo dá ìwọ̀n padà, ojú sì ń tì mí títí dòní. Nítorí náà, gíráàmù 820 kò kúrò níbi tó wà.

Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi bùrómétì sí i kó lè wú, kó fẹ́ẹ́, kó dà bí pé ó pọ̀. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ wa ti fòfin dè é tipẹ́, kò sì wọ ilé iṣẹ́ mi rí. Ìdí nìyí tí tiwa fi máa ń tẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, tí kì í rún bíi kànìnkànìn tẹ́ ẹ bá fi ọbẹ kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san àsansílẹ̀ fún wọ́límọ̀ àti ìgbéyàwó, owó àtijọ́ lẹ̀ ń gbà, kódà bó bá jẹ́ oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa gbé e. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ní Tankẹ́ tẹ́ ẹ ní ká máa ta ìdajì ńlá, a ti gbọ́: láti Mọ́ńdè, ₦700 ni, a máa gé e lójú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ wá lówó àwìn, iye tẹ́ ẹ gbà á nígbà yẹn náà lẹ máa san, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ san án.

Tí àpò ìyẹ̀fun bá padà sí ₦60,000, tó sì dúró síbẹ̀ fún oṣù kan, mo máa bu ₦100 kúrò lórí ńlá. Mo sọ oṣù kan torí ìgbà tó wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan rí, ẹ ní kí n dín in, kí n tó dín in ó ti gòkè padà.

Òṣùwọ̀n wà lórí tábìlì níwájú ìlẹ̀kùn láti ọ̀la. Ẹni tó bá ra ńlá tí kò tó gíráàmù 700, kó gbé e padà fún wa kó tó gé e, a máa fún un ní òmíràn, a ò sì ní gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlájà oníbúrẹ́dì, Gáà Àkáńbí, Ìlọrin.