Sólà 100 kílówáàtì fún fáktírì Olúyọ̀lé: iye tá a máa ná, iye tó máa wọlé, àti réètì tí mo fi ṣírò ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ìṣirò sólà tẹ́ ẹ ní kí n ṣe rèé. Àǹtí wa ní akáńtì ti kọ́kọ́ ṣe tiwọn, wọ́n ní a máa pàdánù mílíọ̀nù 13. Èmi náà lo nọ́ńbà tí wọ́n lò, owó kan náà, yúníìtì kan náà, àmọ́ tèmi gbé èrè mílíọ̀nù 104 jáde. Réètì tá a fi ń dín owó ọjọ́ iwájú kù sí iye tó jẹ́ lónìí nìkan ló yà wá, torí ẹ̀ ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Páńẹ́ẹ̀lì, ínfátà, irin òrùlé, wáyà àti owó oníṣẹ́, gbogbo ẹ̀ 110 mílíọ̀nù náírà. Kò sí bátìrì ńbẹ̀, ọ̀sán la ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 2 fún inṣọ́ránsì àti fífọ páńẹ́ẹ̀lì, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku ò ní jẹ́ kó rí oòrùn. Tó bá di ọdún kọkànlá a máa pààrọ̀ ínfátà, mílíọ̀nù 12. Ogún ọdún ni mo kà á sí, mo sì ń yọ 0.5% lọ́dọọdún torí agbára páńẹ́ẹ̀lì máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ní Ìbàdàn ńbí, mo fojú bù ú pé kílówáàtì kan á mú nǹkan bí 1,300 yúníìtì wá lọ́dún, ìyẹn 130,000 fún tiwa. A kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday, ó ku 111,000. Jẹ́nẹ́rétọ̀ wa náà ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ 30% agbára ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo tí ò jó tán á máa dì sínú ẹ́ńjìnnì, torí náà nígbà míì a ní láti dín sólà kù fún un. Mo wá fi sí 105,000.

Mo jókòó ti ìwé jẹ́nẹ́rétọ̀ wa, àwọn ojú ewé kan ti dúdú fún ọ́ìlì, mo ka wákàtí wákàtí: ìdajì ọ̀sán wa iná ìjọba ni, ìdajì tó kù dísẹ̀lì ni. Lítà kan ń fún wa ní yúníìtì mẹ́ta. Lítà kan 1,100 náírà, tẹ́ ẹ bá fi ọ́ìlì àti fítà kún un, yúníìtì kan ń jẹ́ nǹkan bí 400. Ti ìjọba wà ní 210 lórí Báǹdì A, tó jẹ́ 225 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024. Àpapọ̀ ẹ̀, mílíọ̀nù 32 lọ́dún la ò ní ná mọ́, tá a bá yọ ìtọ́jú, 30.

Ó wá kan réètì. 30% ni àǹtí lò torí iye tí báǹkì fẹ́ gbà lórí lóònù nìyẹn, kò sì yani lẹ́nu, CBN fúnra wọn gbé tiwọn dé 27.5% ní oṣù kọkànlá 2024, 27% ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ní oṣù kẹsàn-án 2025. Àmọ́ 30% yẹn ti ka bí ọjà ṣe ń gbówó lórí mọ́ ara ẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé owó òní la fi kọ mílíọ̀nù 30 yẹn sílẹ̀ fún ogún ọdún, bí ẹni pé dísẹ̀lì ò ní wọ́n sí i láéláé. Tá a bá fojú bu ọ̀wọ́n ọjà sí 20%:

```
(1 + 0.30) / (1 + 0.20) - 1 = 0.083
```

8.3% nìyẹn. Mi ò dúró síbẹ̀, torí ínfátà lè bàjẹ́ kó tó pé ọdún kọkànlá, mo gbé e dé 12%. Lórí 12% èrè jẹ́ mílíọ̀nù 104 nínú owó òní. Mo tún le koko sí i, mo lo 18%, ó ṣì ku mílíọ̀nù 45.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí iná ìjọba dára débi pé a ò tan jẹ́nẹ́rétọ̀ mọ́ rárá. Nígbà yẹn mílíọ̀nù 22 péré la máa rí lọ́dún ká tó yọ ìtọ́jú, 12% á mú èrè 31 wá, àmọ́ 18% á mú wa pàdánù 7.

Èyí tí àǹtí sọ tó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti owó ọwọ́. Tá a bá yá gbogbo 110, èlé ọdún àkọ́kọ́ nìkan jẹ́ 33, ó ju 30 tá a máa rí lọ. Torí náà ká yá 55, ká sì fi 55 tiwa sí i, fún ọdún márùn-ún: ọdún àkọ́kọ́ a máa san 27.5, sólà fúnra ẹ̀ á san án.

Páànù orí yàrá tá a ń kó ráwù mátíríà sí ti dípẹtà, mo ti fi mílíọ̀nù 4 sínú 110 yẹn láti pààrọ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó gun un. Tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ sọ fún mi kó tó di Friday kí n ní kí oníṣẹ́ wá wọn òrùlé.