Ẹ kú ọdún Iléyá o, gbogbo ilé Alhájà, níbi yòówù tí ilẹ̀ ti mọ́ bá yín

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Báríkà dè Sálà fún àgbà, báríkà dè Sálà fún ọmọdé. Àṣèyíṣàmọ́dún, láṣẹ Ọlọ́run Ọba.

Alẹ́ Alámìísì ni mo ń kọ èyí, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2025, ní Pẹ́kàmù níbí. Aago 11 ti lù. Àwọn ọmọ ti sùn, aṣọ ọdún wọn wà lórí àga. Ààwẹ̀ ọjọ́ Árífà tí èmi àti bàbá wọn gbà gùn díẹ̀, nítorí oòrùn ò wọ̀ títí aago 9 alẹ́ fi kọjá. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa.

Bí mo ṣe jókòó yìí, mo ń wo yín kiri lọ́kàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kàmọ́rù àbúrò mi ní Mẹ́lúbọ̀n, ilẹ̀ Jímọ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ, aago 8 àárọ̀ ti lù, wàá ti máa múra Yídì. Àǹtí Sìkírá àti ọkọ yín ní Tòróǹtò, ẹ̀yin ṣì wà nírọ̀lẹ́ Alámìísì, aago 6, bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Bùrọ̀dá Lásísì àti ìyàwó wọn ní Híúsítìnì, aago 5 ló lù níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Bùrọ̀dá Múfú ńkọ́? Wọ́n ti kúrò ní Árífà, wọ́n ti dé Mùsúdálífà. Aago 1 òru ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ti fi ilẹ̀ ṣe ibùsùn láàárín àwọn alálàjì, wọ́n á ti máa ṣa òkò wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa jù lọ́la. Àlàájì wa, Ọlọ́run á gba Háàjì yín, á dá yín padà sílé láyọ̀ àti àlàáfíà. Orúkọ gbogbo wa wà nínú ìwé tí wọ́n fi sápò lọ, Màmá ló ní kí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n má bàa gbàgbé ẹnì kankan níbi àdúrà.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ Màmá n'Ìjẹ̀bú-Òde gan-an, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Aago kan náà làwa àti ẹ̀yin jọ ń lò báyìí. Tí ọyẹ́ bá dé níbí, ẹ̀yin á fi wákàtí kan ṣíwájú wa.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, mo sì bẹ gbogbo ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n gbà mí láyè, torí èmi kọ́ ni àgbà.

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ Sọ́ńdè ni Iléyá bọ́ sí. Kàmọ́rù kí Àsùbáà tán ní Mẹ́lúbọ̀n, ó pe Màmá. Aago 6 àárọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n aago 9 alẹ́ Sátidé ni n'Ìjẹ̀bú. Màmá ti dùbúlẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ṣàdúrà fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwa ti Pẹ́kàmù pè kí wọ́n tó wẹ̀. Tòróǹtò pè nígbà tí wọ́n ń pín ẹran lọ́wọ́. Híúsítìnì pè lẹ́yìn ìrun Yídì, wọ́n sì tún pè nígbà tí àlejò wọn lọ tán, aago 9 alẹ́ níbẹ̀, tí i ṣe aago 3 òru lọ́dọ̀ Màmá. Ní gbogbo àkókò yẹn, wọn ò kọ fóònù ẹnì kankan. Nímọ̀ tó ń bá wọn gbé sọ fún mi pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn wọn ti há, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ó ní òun sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n pa fóònù yìí kẹ́ ẹ sinmi.” Èsì tí wọ́n fún un ni pé, “Ọmọ mi ló ń pè.”

Kò sẹ́ni tó fi ibi ṣe é. Ìfẹ́ ìyá ló mú kálukú pè, ẹni tó pè lóru ò mọ̀ pé ẹlòmíì ti pè lálẹ́. Èmi náà wà lára wa. Ṣùgbọ́n Màmá ti pé ọdún 84, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dùn mí láti ọdún tó kọjá títí di òní. Ìyá tó bí wa kò gbọdọ̀ fi oorun rẹ̀ san owó ọ̀nà jíjìn tí àwa fúnra wa yàn láti rìn.

Nítorí náà, mo bá Bùrọ̀dá Lásísì sọ̀rọ̀, mo bá Àǹtí Sìkírá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Lọ́la Jímọ̀, ẹ jẹ́ ká fi Màmá sílẹ̀. Ìrun Yídì àti ìrun Jímọ̀ bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dún yìí, àgbò wà nílẹ̀, àlejò á sì máa rọ́ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn lọ́la, kó sọ ohùn rẹ̀ sórí Wáàsáàpù, Nímọ̀ á jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí ara bá tù wọ́n. Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo wa á jọ pàdé lójú fídíò, aago 2 ọ̀sán Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn tí Màmá bá ti kí Àìlà, tí wọ́n ti jẹun, tí wọ́n ti na ẹ̀yìn díẹ̀. Aago 2 náà ni lọ́dọ̀ wa ní Pẹ́kàmù. Aago 9 àárọ̀ ni fún Tòróǹtò, aago 8 fún Híúsítìnì. Bùrọ̀dá Múfú, tẹ́ ẹ bá ti ju òkò 21 ọjọ́ náà tán ní Mínà tí nẹ́tíwọ̀kì sì wà, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín. Kàmọ́rù, aago 11 alẹ́ ló bọ́ sí fún ọ, jọ̀ọ́ má bínú, ìwọ lo kéré jù nínú wa, ìwọ la rán níṣẹ́ àìsùn lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀ tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, àwa ará ibí lá á jí lóru nítorí tìrẹ.

Àwọn àgbò wa dára. Ọmọ Àǹtí Sìkírá tó wà nílé fi fídíò wọn ránṣẹ́ lánàá, méjèèjì funfun, ọ̀kan ní àmì dúdú létí. Ọmọ mi obìnrin, tó pé ọdún 9, wo fídíò yẹn títí, ó wá bi mí pé kí ló dé tí àwa náà ò fi so àgbò mọ́ ẹ̀yìn ilé bíi tilé. Mo ṣàlàyé fún un pé òfin ibí ò gbà ká dúńbú ẹran nílé, odò ẹran tí ìjọba fún láṣẹ nìkan la ti lè pa á, pé alápatà tí a sanwó fún ló máa bá wa ṣe é, ẹran á sì dé ọwọ́ wa lọ́jọ́ Sátidé. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ fún wọn nílé pé èyí tó ní àmì dúdú létí ni tòun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́ta, apá tó kan àwọn aláìní, ẹ fi orúkọ rẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè ọmọ yẹn mú mi rántí Bàbá. Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀yìn kànga ni wọ́n ti máa ń pọ́n ọ̀bẹ? Wọn ò ní pọ́n ọn níbi tí àgbò ti lè rí i láéláé. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, wọ́n á rọra dé ẹ̀yìn ẹran náà, wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á kọjú rẹ̀ sí kíbúlà, wọ́n á ní, “Bísímílááì.” Ibi tí mo ti kọ́ àánú nìyẹn. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá wa sí afẹ́fẹ́ rere, á dárí jì wọ́n, á fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé wọn.

Ọjọ́ kẹta, Sọ́ńdè, ni Ojúde Ọba. Àwa tá a wà lókè òkun á wò ó látinú fídíò, ọkàn wa á sì wà lórí pápá. Gbogbo ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ nínú ẹbí wa, regbéregbé yòówù kí ẹ wà, ẹ wọ̀ ọ́ kó pé. Ẹ ṣe fìlà dáadáa, ẹ so ìlẹ̀kẹ̀. Tí àwọn eléṣin ìdílé Balógun bá ń bọ̀, ẹ gbé àwọn ọmọ kéékèèké sókè kí wọ́n rí i, bí Bàbá ṣe máa ń gbé wa. Àǹtí Fúnmi aya Bùrọ̀dá Lásísì máa ń sọ pé inú òun dùn sí ọjọ́ náà nítorí ẹni tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ àti ẹni tó ti mọ́sáláásí bọ̀ ló jọ ń lọ júbà níwájú Kábíyèsí. Òótọ́ ni. A kí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ wa, tí wọ́n wà lórí ìtẹ́ láti 1960, tí wọ́n pé ọdún 91 lóṣù tó kọjá. Kábíyèsí o, kí Ọlọ́run fún wọn ní ìlera.

Aṣọ ẹbí tiwa níbí ò tètè dé. Àwọn tó bá wa gbé e sọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìrọ̀lẹ́ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀kùn. A ò ríbi rán an mọ́. Mo máa ró o bẹ́ẹ̀ ní ìró, màá sì fi èyí tó kù wé gèlè. Ẹ máa rí i lọ́jọ́ Sátidé.

Owó tí kálukú dá dé ọwọ́ Nímọ̀ pé. Ẹ ṣeun, ọwọ́ yín ò ní gbẹ. Ó ti ra ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, ó ti ra ìrẹsì, ó sì ti fi èyí tó kù sílẹ̀ fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá.

Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ọdún yìí ṣe láyọ̀. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á ríṣẹ́. Àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ò tíì jáde, á jáde. Ẹni tó lóyún nínú wa, mo mọ̀ ọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ, wàá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, tibi tire. Aláìsàn inú wa á gbádùn. A ò ní fi ẹnì kankan wá ẹnì kankan tì lójú fídíò.

Ó ku nǹkan kan, Nímọ̀, ìwọ ni mo ń bá wí. Ṣé o mọ̀ pé tí Màmá bá ti gba fóònù lójú fídíò, etí ni wọ́n máa ń gbé e sí? A kì í rí ojú wọn. Yẹtí góòlù kékeré yẹn la máa ń rí, àti irun funfun tó yọ lábẹ́ ìborùn, tí wọ́n á máa fi oríkì kálukú pè é, Àṣàkẹ́, Àkànbí, Àlàó. Mo gbọ́ pé o ti ra ohun tí wọ́n ń gbé fóònù lé, kí Màmá lè jókòó kí wọ́n kọjú sí i. O ṣeun. Jẹ́ kí a fi rí ojú wọn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti nawọ́ mú un, tí wọ́n gbé e sétí, jọ̀ọ́, má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èmi Rísìkátù, bàbá àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
Pẹ́kàmù, Lọ́ńdọ̀nù.