Kí Ògbójú Ọdẹ Dúró Nínú Ìwé Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Kà

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, àbá kan jáde pé kí ilé ẹ̀kọ́ wa yọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà, kúrò nínú ìwé tí àwọn ọmọ girama ń kà, kí a wá fi ìtàn àròsọ tuntun kan tí kò gùn rọ́pò rẹ̀. Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò lé e lórí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní Yorùbá ò fara mọ́ ọn rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó na ọwọ́ sókè. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ìwé náà dúró, ṣùgbọ́n kí a gbé e lọ sí kíláàsì àwọn tó dàgbà jù báyìí lọ, kí a sì máa kà á sétí àwọn ọmọ.

Ẹ̀sùn tó kọ́kọ́ jáde ni ti àjẹ́ àti iwin. Bàbá kan dìde, ó ní ọmọbìnrin òun kì í sùn dáadáa lóru mọ́ látìgbà tó ti ka ibi tí iwin Àgbákò ti yọ sí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó jẹ́ akọni ìwé náà. Bàbá mìíràn ní ilé àdúrà ni ilé òun, òun ò fẹ́ ìwé tí ìyá akọni inú rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, tó ń di ẹran ìgbẹ́, tí ọkọ rẹ̀ sì yìnbọn fún un. N kò fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣeré. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà lóru, ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, ọdún kìíní girama kékeré sì ti kéré jù fún Àgbákò. Ibi tí mo ti fara mọ́ wọn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ìwé náà ní ìwé òkùnkùn, kó jọ̀wọ́ wo ẹni tó kọ ọ́. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọ ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí wọ́n bí ní 1903. Láti 1926 sí 1929, Ọ̀yọ́ níbí ló ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Áńdérù Mímọ́ tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní 1896. Kò kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tó kọ́ṣẹ́ tán, ó dúró ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ yìí náà ni ìwé rẹ̀ jáde ní 1938, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà fúnra wọn ló sì tẹ̀ ẹ́. Orí ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ni Yunifásítì Àjàyí Kráúdà wà lónìí, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa ń wọkọ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n ń wàásù lòdì sí òrìṣà láàárọ̀ àti lálẹ́ ka ìwé náà, wọn ò rí ohun tó lè ba ọmọ Kristẹni jẹ́ níbẹ̀. Kódà, ohun tí àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń bá Fágúnwà wí lé lórí ni pé ìwàásù rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹnu Àkàrà-ògùn kì í kúrò lára Ọlọ́run. Nígbà tí òun àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ọba rán níṣẹ́ sì dé Òkè Lángbòdó, kì í ṣe wúrà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìrágbèje ni wọ́n bá, ọjọ́ méje gbáko ni bàbá náà sì fi kọ́ wọn ní ìwà. Bí ẹ̀rù bá wà nínú ìwé náà, ó wà níbẹ̀ kí ọmọ lè rí i pé a máa ń la ẹ̀rù já ni.

Wọ́n tún ní èdè rẹ̀ le. Ó le lóòótọ́, ìdí tí mo fi ń jà fún un gan-an sì nìyẹn.

Àwọn ọmọ wa kò ṣàìgbọ́ Yorùbá. Ẹ dúró ní Akẹ̀sán ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà fún ìyá wọn. Àmọ́ Yorùbá kéékèèké ni: ẹ gbà, ẹ fún mi ní ṣéńjì, mò ń bọ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ kan náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó ṣàpèjúwe ènìyàn kan títí ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò fi rí onítọ̀hún lójú ara rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò yà lọ bá ní gbólóhùn kejì, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì ní pé. Ọmọ tí kò bá rí ibi tí gbólóhùn Yorùbá ti gùn, tó ń yí, tó ń gòkè, tó sì tún balẹ̀ sí ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí, kò ní mọ̀ pé èdè òun lè ṣe bẹ́ẹ̀. N kò mọ ìwé mìíràn tó ń ṣe é lójú ewé kọ̀ọ̀kan bí Ògbójú Ọdẹ ṣe ń ṣe é.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí ọmọkùnrin kan ka ibi tí Àkàrà-ògùn ti ń ka àdó, àtò àti oǹdè bàbá rẹ̀. Ó dé orí iye wọn, ó dúró. Kò mọ iye tí ẹgbẹ̀rin jẹ́. Nínú ìyókù kíláàsì, díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. A pa ìwé dé, a lọ sójú pátákó: igba jẹ́ 200, mẹ́ta rẹ̀ ni ẹgbẹ̀ta, 600, mẹ́rin rẹ̀ ni ẹgbẹ̀rin, 800, márùn-ún rẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún, 1000. Kí aago tó lù, wọ́n ti ń fi èdè ara wọn ṣírò iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin náà tún padà sórí ìwé, kò kọsẹ̀ mọ́. Ó gbé ohùn sókè, ó ń kà á bí ẹni pé bàbá tirẹ̀ ló ń fi yangàn, àwọn tó kù sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ìwé náà fún kíkà sókè. Bàbá arúgbó kan ló wá bá òǹkọ̀wé, tó ní kó mú gègé, kó máa kọ ìtàn tí òun fẹ́ sọ. Nígbà tó tún padà wá láti máa bá ìtàn náà lọ, èrò ti pé jọ wá gbọ́ ọ. Ìtàn tí wọ́n sọ sétí ni. Bí olùkọ́ bá wá ní kí ọmọ lọ dá orí kìíní sí orí ìkẹta kà nílé, kó sì wá dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá lọ́jọ́ Ajé, kò sí bí kò ṣe ní le. Lára ọ̀nà tí a ń gbà kà á ni ẹ̀bi yìí wà, kò sí lára ìwé.

Ẹ̀sùn kan wà tó wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ìyá ọmọ kan ló mú un wá. Ó ní kí ni a fẹ́ kí ọmọ òun rí kọ́ lára Kàkó. Ẹni tó bá ti ka ìwé náà mọ ibi tí ó ń tọ́ka sí. Àkàrà-ògùn ń kó àwọn akọni jọ fún iṣẹ́ tí ọba rán wọn sí Òkè Lángbòdó, Kàkó sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ló wà nílẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó dì mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀ lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá a balẹ̀, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìkà ni. N kò ní sọ fún ìyá yẹn pé ayé àtijọ́ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ayé tí ìyẹn dára. N kò sì ní gba kí a fo ojú ewé yẹn, bí àwọn kan ti ń ṣe. Nígbà tí a kà á tán ní kíláàsì, gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin kan wá nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí ìkankan nínú wọn ò lé e padà?" Ọmọkùnrin kan dá a lóhùn pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń jẹ́, wọn ò lè dúró. Ọmọbìnrin náà ní, "Ṣé ọba ló rán an pé kó pa ìyàwó rẹ̀?" Láti ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi ara wọn bóyá akọni ni ẹni tí kò lè gba ẹ̀bẹ̀ obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n bi ara wọn ìdí tí a fi mọ orúkọ ọkọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì rántí orúkọ ìyàwó. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ń pariwo orúkọ Kàkó láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kò pariwo rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ yìí ń gbọ́ lórí rédíò pé ọkọ kan pa aya rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ilé ẹlòmíràn láàárín àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó tì wọ́n bá wọn sọ ọ́. Bí a bá yọ ìwé náà, a kò yọ Kàkó kúrò láyé. Ohun tí a yọ ni ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti rí àyè béèrè ìbéèrè rẹ̀ lójú àwọn ọmọkùnrin, tí wọ́n sì ní láti dá a lóhùn.

Ní ti ìwé tuntun, mo fẹ́ ẹ. Kí a fi kún un, ó dára. Mo kàn ń bi yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé Fágúnwà ló gbọ́dọ̀ jáde kí tuntun tó lè wọlé. Wọlé Ṣóyínká rí ìwé yìí tó ohun tí ó ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí kọ eré Lángbòdó láti inú rẹ̀, òun sì ni Nàìjíríà gbé jáde níbi àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní Èkó ní 1977. Ó burú kí ọmọ Ọ̀yọ́ dàgbà tán kó tó lọ pàdé ìwé yìí ní Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, nígbà tó jẹ́ pé ìlú rẹ̀ ni olùkọ́ tó kọ ọ́ ń gbé nígbà tó jáde.

Àbá tèmi rèé. Kí a gbé ìwé náà lọ sí ọdún kìíní girama àgbà, níbi tí ọmọ ti tó gbé ẹ̀rù àti ìbéèrè inú rẹ̀. Kí a yọ àkókò méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí kò ní sí ìdánwò nínú rẹ̀, kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ máa kà á sókè. Àwọn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ ti àkọtọ́ àtijọ́ tó ṣáájú 1974, òmíràn nínú wọn sì ti já, a fi òwú gán an pọ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ń pín ẹ̀dà kan. Ẹgbẹ́ òbí ló lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ìyẹn, bí owó tí a fẹ́ fi ra ìwé tuntun yẹn bá lè gba díẹ̀ sọ́hùn-ún.

Kí ẹ tó dìbò, ẹ wá jókòó nínú kíláàsì mi. Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń kà á, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ìyá tó béèrè nípa Kàkó ti ní òun ń bọ̀, mo sì ti ṣètò àga fún àwọn tó kù.