Ohùn Kẹta

"Má tíì fọwọ́ kàn án," ni Baba wí. "Wò ó ná."

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ẹlẹ́kọ la wà, nínú agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà'ba n'Íbàdàn. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ṣì ń kán tó, tó, láti etí páànù tó ti dípẹtà. Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ Baba nìyẹn. Ó ku oṣù mẹ́rin kí n ṣe fúrídọ́ọ̀mù, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé kò sí ògiri tó tún lè kọ́ mi ní nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú la kọ́kọ́ débẹ̀. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, irú èyí tí àwọn baba wa fi ẹsẹ̀ po amọ̀ rẹ̀, tí wọ́n mọ ìpele kan, tí wọ́n dúró kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà l'Ékòó ló fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ yíká, tí wọ́n sì kùn ún lọ́dà. Bí ẹ bá ń kọjá lọ, ilé búlọ́ọ̀kù lẹ ó pè é. Àmọ́ igun ẹ̀yìn ti sán, láti orí fèrèsé lọ dé abẹ́ òrùlé, ìyá sì fẹ́ ká dí i kí àlejò ìkómọ tó dé. Àpò símẹ́ńtì méjì ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan péré ni lójú tèmi.

Baba kò dí i. Ó po símẹ́ńtì tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, ó lẹ díẹ̀ mọ́ ojú ibi tó sán lókè, ó lẹ díẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, tínrín bí èékánná, ó ní kí n kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́: 12/5. A palẹ̀ mọ́, a lọ. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi wọ máíkírà.

"Kí lo rí?" ó bi mí báyìí.

"Ti òkè ti kán, Baba. Ti ìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà."

"Kí nìyẹn ń sọ?"

"Pé ògiri ṣì ń rìn."

"Síbo?"

Mo dákẹ́. Ó ní kí n wò ó bóyá bákan náà ni ibi tó sán náà ṣe fẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo gun orí dúrọ́ọ̀mù kan. Lókè, ọmọńdinrín mi wọ inú rẹ̀. Lẹ́bàá fèrèsé, agbára káká ni abẹ fẹ́lẹ́ fi lè wọlé.

"Bí ìwọ àti ẹnì kan bá fara ti ara yín jókòó," Baba wí, "tí ilẹ̀ sì rì lábẹ́ ẹnì kejì, ibo ni ẹ ó ti kọ́kọ́ jìnnà síra?"

"Èjìká. Orí."

"Igun ló ń rì nìyẹn. Ká ní àárín ògiri ló ń wọlẹ̀ ni, ìsàlẹ̀ ni ìbá ti fẹ̀ jù. Wo etí rẹ̀ wàyí."

Nísàlẹ̀, etí ibi tó sán ti dá kúrúmú, ẹ̀ẹ́fín ti wọ̀ ọ́, alántakùn ti ta okùn sí i. Lókè, ó mú bí àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, amọ̀ inú rẹ̀ sì pupa yòò. Èyí tó ti pẹ́ àti èyí tó jẹ́ ti òjò ọdún yìí, lórí ìlà kan ṣoṣo. Mo sì ti wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́kàn mi bí ohun tí èèyàn ń fi símẹ́ńtì dí!

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí síbí, nítorí pé ó máa ń dùn mí. Àwọn onílé máa ń sáré pè wá nítorí pílásítà tó sán wẹ́wẹ́ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Wọ́n rẹ́ ẹ nínú oòrùn, wọn ò bomi rin ín, ó gbẹ kíákíá jù ni; ojú ara lásán ni. Èyí tó dá nìkan lọ, tó dagun láti igun fèrèsé, tí apá kan rẹ̀ fẹ̀ ju apá kejì lọ, òun ni wọ́n máa ń gbé kálẹ́ńdà kọ́ lé lórí.

Baba ní kí n ta okùn. Mo so pílọ́ḿbù mọ́ ìṣó lábẹ́ òrùlé, mo jẹ́ kó fì títí ó fi dúró. Lókè, okùn fara kan ògiri. Nílẹ̀, ọwọ́ mi lódindi gba àárín irin náà àti ẹsẹ̀ ògiri. Ògiri ti bẹ̀rẹ̀ síta, bí ẹni tó fẹ́ wo inú kànga.

"Ó yá," ni ó wí. "Kàn án."

Mo fi èkù tárówẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tó dúró ṣinṣin, nítorí ó ti kọ́ mi pé ibi tí ara ti le ni kí n ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ògiri kan, kí n tó lọ síbi tó ń dùn ún. Gbì. Gbì. Gbì. Ohùn kúkúrú tó ga díẹ̀, tó ń ta padà sí mi lọ́wọ́. Mo ń sún lọ sí igun náà, ìwọ̀n ìka kọ̀ọ̀kan. Ní gíga èjìká, ó yí padà. Pó. Pó.

"Símẹ́ńtì ti ṣí kúrò lára amọ̀ níbí," mo wí. "Òfìfo ni." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, aláǹgbá kan yọ orí níbi tó sán, ó wò wá, ó padà wọlé. Mo rẹ́rìn-ín. "Bí ògiri ò bá lanu, Baba."

Kò rẹ́rìn-ín. "Aláǹgbá ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Ibi tó bá wọ̀, àyè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò lanu síta ńkọ́? Máa bọ̀ nísàlẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Lókè orúnkún, pó. Lórúnkún, ohùn náà dí padà, n kò gbọ́ òfìfo mọ́. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ọkàn mi balẹ̀.

"Ó le níbí, Baba."

Kò dáhùn. Mo tún un sọ, kò tún dáhùn. Mo yíjú, mo rí i tó ń wo ẹnu mi. Ó wá sún mọ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mò ń kàn, ó di ojú.

"Tún un kàn."

Mo kàn án. Ó gbọn orí. "Kò le. Gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé ó dá ọ lóhùn, àbí ó gbé e mì?"

Mo lọ kan ibi tó dúró ṣinṣin, mo padà wá kan ibí. Gbì. Bọ̀. Gbì. Bọ̀. Bí ẹni lu àpáta, bí ẹni gbá òkèlè àmàlà létí. Kò sí ìró kankan lẹ́yìn rẹ̀, tárówẹ̀lì ò sì fò padà. Lójú mi báyìí, ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé n kò mọ bí mo ṣe lè pè é ní líle.

"Èyí tó le àti èyí tó ṣófo, ọmọdé mọ̀ wọ́n," Baba wí. "Ohùn kẹta yìí ni ọ̀gá mi fi hàn mí ní 1980. Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Omi lọ tán, oòrùn yọ, àwọn èèyàn ń gbé ẹrù wọn padà wọlé. Ara ògiri gbẹ. Ọ̀gá mi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kan ẹsẹ̀ ògiri, ó ń lé wọn jáde. Wọ́n bú u. Agbo ilé tí a gbẹ̀yìn dé, igun rẹ̀ ti wá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ilẹ̀ gbẹ."

Ó gba tárówẹ̀lì lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu rẹ̀ ṣí símẹ́ńtì lórúnkún. Ó já bọ́ pẹrẹsẹ bí èèpo. Amọ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Baba fi àtàǹpàkò tì í, àtàǹpàkò wọlé dé ìdajì. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi ṣe ilé náà lóge ni kò jẹ́ kí omi rọ́nà jáde. Amọ̀ nìkan ìbá ti mu ún, ìbá sì ti mí i síta fún oòrùn.

"Baba," mo wí, ní ohùn jẹ́jẹ́, "ẹ ò gbọ́ ọ mọ́ ni?"

Ẹnu mi ló tún wò. "Ọdún kejì rèé," ó wí. "Ọwọ́ ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Omi yìí, ibo ló ti ń wá?"

Mo wo ilẹ̀. Etí páànù ń da omi sí igun náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ jìn bí abọ́, ó láwọ̀ ewé, ó sì funfun kànrìnkànrìn létí. Òórùn kíkan ń jáde níbẹ̀. Omi ògì ni. Ìyá ti ń dà á síbẹ̀ láràárọ̀, láti ọdún tí mi ò mọye.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wa. Mo sún mọ́ etí Baba, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́.

"Kí lo wí?"

Mo tún un sọ, ó ga díẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ yìí!"

"Omi ògì ni, Baba! Igun ibí ni wọ́n ń dà á sí!"

Gbogbo ẹ̀yìnkùlé gbọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú."

Kò bínú. Ó bọ́ sílẹ̀ wá, ó ń fi ìpẹ̀kun ìró nu ọwọ́. "Baba Bíríkìlà, ogójì ọdún ni mo ti sùn nínú yàrá yìí. Ṣé ọmọ tí ò tíì ní irùngbọ̀n ló máa lé mi jáde?"

"Ìyá," Baba dáhùn, "bí ẹ bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, ojú nìkan lẹ fi ń rà á?"

Ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ká ìka, ó sì fi oríkèé rẹ̀ kàn án bí ó ṣe ń kan ìkòkò: ní ibi tó le, ní ibi tó ṣófo, lẹ́yìn náà lórúnkún. Ó dúró. Ó padà lọ sí ibi tó le. Ó tún wá sórúnkún. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ti pẹ́ lọ.

"Ẹ̀wù ìkómọ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ó wí níkẹyìn.

A kọ́kọ́ fi igi márùn-ún ti ògiri náà láti ìta, pátákó lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà rì, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àpótí, bẹ́ẹ̀dì, àti àwòrán ọkọ rẹ̀ lọ sí yàrá iwájú. Baba ní igun yẹn ò ní bọ́ lọ́wọ́ wíwó. A ó fọwọ́ ara wa wó o lẹ́yìn ìkómọ, a ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ títí a ó fi bá ilẹ̀ gbígbẹ, a ó sì dà á ní kọnkéré. Àpò símẹ́ńtì méjèèjì, ó ní kí wọ́n gbé e lé pátákó, kí ó má kan ilẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀.

Mo ń ká okùn nígbà tí ìyá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ omi ògì. Ó gba ọ̀nà tó máa ń gbà, ó dé ẹ̀gbẹ́ igun, ó ti gbé abọ́ náà dé àyà. Ó wá yíjú wò mí. Ó gbé e kọjá lẹ́yìn àwọn igi náà, ó ń rọra rìn kí ó má dà sílẹ̀, títí ó fi dé gọ́tà ojú títì.