Lẹ́tà Àdéhùn Àyẹ̀wò Ìwé Owó

Ìbàdàn, ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, 2025

Ẹ̀yin Alhaja Alága àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jẹ́ olùdarí,
Ìsọ̀ aṣọ, Ọjà Gbági Tuntun.

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. A gbà láti yẹ ìwé owó yín wò fún ọdún tí yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù yìí, ní ìlànà òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020.

Ẹ̀yin lẹ ni ìwé owó: kíkọ ọ́, dídènà jìbìtì, àti kíkó gbogbo rísíìtì àti ìwé báńkì fún wa. Tiwa ni láti sọ bóyá ó fi òtítọ́ hàn. Díẹ̀ la máa yẹ̀ wò nínú ọjà títà, nítorí náà àṣìṣe kan lè fara pamọ́ fún wa.

Ohun tó ká wa lára jù ni owó ilé tó ń dà pọ̀ mọ́ owó ìsọ̀. Bí ẹ bá mú owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ nínú dúrọ́ọ̀, Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí orúkọ ẹni tó gbà á.

A ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 31 tí ẹ bá ń ka àǹkárá àti léèsì.

Owó iṣẹ́ wa jẹ́ ₦1,200,000. Ìdajì rẹ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá gbà, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, kí ẹ sì dá a padà fún wa.

Tiyín ní tòótọ́,
Olùdarí Àyẹ̀wò