Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ ní Ìparí Ìsìn Àjọ̀dún 75 Ọdún Ìjọ Wa

Bàbá wa Bíṣọ́ọ̀bù, Àṣíídíákónì wa, Fíkà wa, gbogbo ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run, Baálẹ̀ àti ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin ará ìjọ: mo kí gbogbo yín ní orúkọ Jésù. Ìsìn ti lé ní wákàtí mẹ́ta. Mi ò ní dá yín dúró pẹ́.

Ọlọ́run la ó kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Ìdílé méje ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá kan ṣoṣo ló kù, àwọn náà sì nìyẹn ní bẹ́ǹṣì iwájú, nínú gèlè funfun. Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ ò kúrò lẹ́yìn ìjọ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Bàbá wa Bíṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ẹ ti gbéra. Ẹ wàásù láti inú Sámúẹ́lì Kìíní 7:12, ẹ sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé àwọn ọmọ wa lélẹ̀. Ẹ ṣé, sà. Fíkà wa àti Ìyá Ìjọ, oṣù mẹ́fà lẹ fi ń ṣe ìpàdé àjọ̀dún yìí pẹ̀lú wa; Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Baálẹ̀, a dúpẹ́ fún màlúù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín yàtọ̀. Òjò alẹ́ ọjọ́ Ẹtì wó méjì nínú kánópì mẹ́fà, omi sì kún gbogbo àgbàlá. Aago kan òru lẹ ṣì ń gbẹ́ ojú àgbàrá, tí ẹ ń da yanrìn sí ẹrẹ̀. Ibi tí ẹ da yanrìn sí náà làwọn àlejò wa jókòó sí láàárọ̀ yìí. Nígbà tí máíkì dákẹ́ nínú ẹ̀kọ́ kejì, wáyà tó mu omi òjò yẹn ló fà á. Ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ kí akọrin tó parí orin. A rí yín o.

Ẹ̀yin akọrin, ẹ kú ohùn. Ẹgbẹ́ àwọn Ìyá, àpò ìrẹsì mẹ́rin lẹ sè, ìdí iná lẹ sùn. Ẹ ò ní fi ọwọ́ yẹn gbọ́ oúnjẹ ẹkún.

Orúkọ àwọn tó fi owó àti sìmẹ́ǹtì ràn wá lọ́wọ́ wà ní ojú ewé 14 ìwé ètò. Mi ò ní kà á, kí n má baà fo ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá rí orúkọ yín níbẹ̀, ẹ dárí jì wá, ẹ sọ fún akọ̀wé ní yàrá àwọn wọ́dìn lónìí. A ó kà á síta lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Àwọn àlejò á jẹun ní gbọ̀ngàn, àwa onílé lábẹ́ kánópì. Ẹnubodè ẹ̀yìn ni kí mọ́tò gbà jáde. Ẹrẹ̀ ṣì wà níwájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde. Ìsúre ló kù. Fíkà wa, ẹ gba máíkì, sà.