Àwòrán àdìrẹ mi ń pòórá nínú ìsọ̀ mi lórí ìkànnì yín

Ìtòkú, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2025

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwa ọlọ́jà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà, mo sì ti ní ìsọ̀ lórí ìkànnì yín láti èṣí. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí àwòrán tí mo bá gbé síbẹ̀ kì í dúró. Yóò wọlé, n óò fi ojú ara mi rí i. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àpótí funfun lásán ló kù lókè iye owó.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù yìí, àwòrán 24 ni mo gbé sí i, 7 ló ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nínú 12, 4 ló kù.

Ẹni yín tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n yọ áàpù kúrò, kí n tún un gbà, kí n sì yẹ nẹ́tíwọ́kì mi wò. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, dátà mi ló jẹ gbé. Ká ní nẹ́tíwọ́kì ni, àwòrán ọ̀hún ì bá má wọlé rárá. Èyí tó ti wọlé, tó ti sun oorun alẹ́ kan níbẹ̀, ni mò ń wí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àwọn tí mo fi fóònù mi tuntun yà, bíi `IMG_4417.HEIC`, àwọn ló ń lọ. Àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, tó wá fi fóònù tirẹ̀ gbé sí ìsọ̀, bíi `IMG-20250311-WA0007.jpg`, ọ̀kan ò tíì sọnù. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má sọ pé kí n máa gba ti Wásáàpù lọ o. Ó máa ń fún àwòrán pọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni a fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára rẹ̀ kó tó wọ aró. Bí àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn bá ti ṣú mọ́ra, kí ni oníbàárà fẹ́ rí tí yóò fi sanwó? Aṣọ kan kì í sì í jọ èkejì délẹ̀délẹ̀. Mo ti ta òmíràn nínú wọn, n kò lè tún un yà.

Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti san ₦35,000, ó padà wá wo aṣọ rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Gbájúẹ̀ ló pè mí. Mo dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ bá mi wá àwọn àwòrán náà jáde bí wọ́n bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ̀rọ yín ò bá sì gba irú HEIC yìí, kí ó kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí n mọ̀, dípò kó gbà á lọ́sàn-án kó gbé e sọnù lóru. Mo so àwòrán ojú fóònù mi mẹ́ta mọ́ lẹ́tà yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí èsì dé kó tó di ọjọ́ 20. Aṣọ Ìtúnu Ààwẹ̀ ti wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ pàtẹ.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì Aládìrẹ